Wo Ìdí Lińkì Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ní Old Garage, Òṣogbo, ariwo kì í dúró de agogo mẹ́jọ àárọ̀. Kí ó tó lù, àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò, àwọn tó ń ta ike fóònù ti pàtẹ ọjà, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ti ń bú lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí títì, níbi tí àwọn kan ti ń pín sìmẹ́ǹtì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni. Àǹtí Àkáǹtì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é. Oṣù ti parí, owó òṣìṣẹ́ kò tíì jáde, ọ̀gá sì ti pè é lẹ́ẹ̀mejì láti ilé.

Nínú àwọn lẹ́tà tó sùn sínú ímeèlì rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ “Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà” sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Lẹ́tà náà sọ pé páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ máa kú tó bá di ọ̀sán ọjọ́ náà, pé kí ó tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ yìí kí lẹ́tà má bàa dẹ́kun wíwọlé. Àmì Màíkírósọ́ọ̀fù wà lókè rẹ̀, bọ́tìnì aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti gbé ọwọ́ lé máòsì kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé kí ó ní sùúrù.

“Mo bi ara mi pé, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wo?” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Àwa mẹ́fà la wà níbí. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ilé la máa ń pè tí kọ̀ǹpútà bá yọnu. Ìgbà wo ni Ṣẹ́gun di ẹ̀ka?”

Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn lọ, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà náà bá ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abẹ́rẹ́, tàbí sí báǹkì, níbi tí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà lóòótọ́, ìbéèrè yẹn ì bá má dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Lińkì kan, nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là

Irú lẹ́tà yìí gan-an ló wọlé sí ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Unatrac Holding Limited ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Òun ló ń ta àwọn katakátá àti ẹ̀rọ Caterpillar sí òkè òkun. Ọ̀gá tó ń mójú tó owó ibẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ó tẹ lińkì inú rẹ̀, ojú ewé kan tó jọ ojú ewé ìwọlé Office 365 ṣí, ó sì kọ orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ewé ayédèrú ni. Ohun tó kọ síbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn onígbájúẹ̀.

Láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n wọ inú ímeèlì ọ̀gá yìí, ó kéré tán, nígbà 464, orí íńtánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kò jí ohunkóhun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń kàwé ni: ta ni ó ń fọwọ́ sí owó, báwo ni ìwé owó ilé iṣẹ́ yìí ṣe rí, irú ọ̀rọ̀ wo ni ọ̀gá máa ń lò tó bá ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé láti inú ímeèlì rẹ̀ sí àwọn tó ń sanwó, wọ́n sì ń so ìwé owó ayédèrú mọ́ ọn.

Ohun kan tí wọ́n ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nínú ètò ímeèlì ọ̀gá náà, wọ́n pàṣẹ pé kí lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ owó wá máa kọjá sí fódà mìíràn, kí ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ti kà á. Nítorí náà, tí ọmọ abẹ́ bá béèrè pé “Ọ̀gá, ṣé kí n san èyí?”, ọ̀gá gan-an kì í rí ìbéèrè náà. Onígbájúẹ̀ ló ń dá a lóhùn pé kí ó san án.

Láàárín ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 19, nǹkan bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sanwó, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, ni Obinwanne Okeke, ọmọ Nàìjíríà tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Invictus Obi. Ìwé ìròyìn Forbes Africa ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tó ta yọ lọ́dún 2016. Wọ́n mú un ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó gbà pé òun jẹ̀bi ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní oṣù kejì ọdún 2021.

Ní ilé wa níbí, tí a bá dárúkọ ọmọ Yàhúù, òyìnbó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn pé wọ́n ń lù ní jìbìtì. Oníbáǹkì kan ní Òkè-Fíà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà sọ fún mi pé ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná. “Ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn, àwọn tó ń pín ọjà, gbogbo wọn ló ń wá bá wa pé owó ti lọ,” ó ní. “Tí a bá sì tú u wò, lẹ́tà kan ló máa ń wà nídìí rẹ̀, ẹnì kan sì ti tẹ nǹkan kan.”

Orúkọ lásán ni ẹ ń rí

Lójú fóònù, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ka ímeèlì báyìí, orúkọ ẹni tó kọ̀wé nìkan ló máa ń hàn. Orúkọ yẹn kò ní ìdí kankan. Ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó lè kọ “Ọ̀gá Àgbà”, ó lè kọ orúkọ báǹkì yín, ó lè kọ orúkọ gómìnà. Ohun tó ṣòroó parọ́ rẹ̀ díẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn orúkọ náà. Ẹ fọwọ́ kan orúkọ náà, yóò ṣí, ẹ ó sì rí i.

Bí orúkọ bá jẹ́ ti ọ̀gá yín, tí àdírẹ́ẹ̀sì sì parí sí `@gmail.com`, tí ọ̀gá kò sì fi Gmail bá yín kọ̀wé rí, ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní lińkì. Ó kàn máa ń béèrè pé, “Ṣé o wà lórí ìjókòó? Mo wà nínú ìpàdé, má pè mí.” Tí ẹ bá dáhùn, yóò ní kí ẹ ra káàdì fóònù tàbí kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí akáùńtì kan kíákíá. Gbólóhùn “má pè mí” yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Ọ̀gá Yorùbá wo ló ń sọ fún akọ̀wé owó rẹ̀ pé kí ó má pe òun lórí ọ̀rọ̀ owó?

Ẹ máa wo ibi tí èsì yín yóò lọ pẹ̀lú. Ẹ tẹ ibi ìdáhùn bí ẹni pé ẹ fẹ́ fèsì, kí ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó jáde lókè. Lẹ́tà lè gbé àdírẹ́ẹ̀sì kan wá, kí ó sì pàṣẹ pé kí èsì gba ibòmíràn lọ. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ pa ojú ewé náà dé láìfi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ó tún burú díẹ̀ síi. Àwọn onígbájúẹ̀ lè fi orúkọ báǹkì ránṣẹ́, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú náà sì wọlé sábẹ́ èyí tí báǹkì fúnra rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ lánàá. Nítorí náà, pé ó wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti báǹkì kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Lińkì inú rẹ̀ nìkan ló kù láti yẹ̀ wò.

Apá ìparí ló ń sọ ilé tí ẹ ń lọ

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé máòsì sórí bọ́tìnì náà láì tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ó fẹ́ gbé yín lọ yóò hàn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, lápá òsì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì. Lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó pẹ́ díẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì yóò jáde kí ohunkóhun tó ṣí. Kíkà á ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo mẹ́ta yìí. Ìkíní ni ojú ewé ìwọlé Màíkírósọ́ọ̀fù gan-an. Mo ṣe méjì yòókù fún àpẹẹrẹ, mo sì fi `.example` parí wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì bá ibi gidi kan pàdé.

```
https://login.microsoftonline.com/common/
https://login.microsoftonline.com.iwole-leta.example/common/
https://iwole-leta.example/login.microsoftonline.com/
```

Ẹ fò kọjá `https://`, kí ẹ wá sílááṣì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lẹ́yìn sílááṣì yẹn kò kàn yín. Ẹni tó ni ìkànnì lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Láti ibi sílááṣì náà, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn. Nínú ìkíní, `microsoftonline.com` ni. Nínú ìkejì, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣáájú, `iwole-leta.example` ni. Bákan náà ni ìkẹta. Nítorí náà ìkejì àti ìkẹta ń lọ sí ilé kan náà, wọn kò sì bá Màíkírósọ́ọ̀fù tan.

Ó rí bí ẹni tó kọ sára àpò ìwé pé “Ṣọ́ọ̀bù Old Garage Òṣogbo, Mushin, Èkó.” Bí orúkọ Òṣogbo ti wù kó hàn níbẹ̀ tó, Mushin ni ìwé náà ń lọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ óò kà nígbà mìíràn, nítorí pé `.com.ng`, `.gov.ng` àti `.edu.ng` jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. `.gov.ng` ṣe pàtàkì fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹnikẹ́ni lè fi owó ra orúkọ tó parí sí `.com` tàbí `.com.ng`, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún ní `.gov.ng`. Lẹ́tà tó bá sọ pé òun ń kó orúkọ òṣìṣẹ́ jọ fún àyẹ̀wò owó oṣù, tí lińkì rẹ̀ sì ní `gov-ng` pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ láàárín, tàbí tí `gov.ng` wà ní àárín tí nǹkan mìíràn sì parí rẹ̀, kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá.

Àwọn kan máa ń lo lẹ́tà tó jọra wọn. Wọ́n máa ń fi `rn` rọ́pò `m`, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà 1 rọ́pò `l`. Ojú tó ti rẹ̀ kò lè rí i, pàápàá lójú fóònù kékeré. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan sọ ọgbọ́n tirẹ̀ fún mi, inú mi sì dùn sí i: òun kì í tẹ lińkì báǹkì rárá. Tí báǹkì bá kọ̀wé pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, yóò ṣí ètò báǹkì náà lórí fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, yóò bá a níbẹ̀.

Lińkì kúkúrú, irú bíi `bit.ly`, kò sọ ibi tó ń lọ, ojú kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó ń béèrè páàsìwọ́ọ̀dù kò ní ìdí láti fi lińkì kúkúrú ránṣẹ́. Bákan náà, lińkì lè gba ìkànnì tí ẹ mọ̀ kọjá kó tó já sí ibòmíràn. Nítorí náà, ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kejì tí ojú ewé bá ti ṣí, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan péré sínú àpótí páàsìwọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀gá Unatrac ti tẹ lińkì ná. Kíkọ páàsìwọ́ọ̀dù ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ìmọ̀ràn àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí a bá ti rí àmì kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì, ọkàn wa lè balẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sọ ẹni tó ń gbà á. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ìwé ẹ̀rí tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà jáde ti di ọ̀fẹ́, onígbájúẹ̀ náà sì ń gbà á.

Ohun tó dára ju kọ́kọ́rọ́ lọ ni ètò tó ń tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù, èyí tó wà nínú Chrome àti nínú fóònù ọ̀pọ̀ yín. Ojú ìkànnì tí ẹ ti kọ́kọ́ fi páàsìwọ́ọ̀dù náà pamọ́ nìkan ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fún yín. Àmì àti àwọ̀ kò lè tàn án. Tí ojú ewé bá jọ èyí tí ẹ mọ̀, tí ètò náà sì kọ̀ láti kọ páàsìwọ́ọ̀dù, ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́ẹ̀sì.

Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé fáìlì lè gbé àrùn wọ kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé fáìlì tó wọ́pọ̀ lónìí kò ní àrùn kankan nínú, ètò tó ń ṣọ́ àrùn kò sì ní rí nǹkan kan. Ojú ọ̀nà lásán ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, Màíkírósọ́ọ̀fù rí irú rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó lé ní 2,300, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Lẹ́tà náà ṣófo, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ara rẹ̀. Fáìlì PDF kan ló so mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n fi bojú. Nínú PDF náà, kóòdù onígun mẹ́rin kan wà, irú èyí tí a ń fi kámẹ́rà fóònù yà, pé kí òṣìṣẹ́ yà á kí ó lè rí ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá yà á yóò bá ara rẹ̀ lójú ewé ìwọlé ayédèrú. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè ní ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n fóònù ara ẹni ni èèyàn ń fi yà á, ẹ̀ṣọ́ ọ́fíìsì kò sì sí níbẹ̀.

Nítorí náà, tí PDF bá ṣí tí ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnì, “tẹ ibí kí o lè rí ìwé náà”, tàbí kóòdù láti yà, ẹ pa á dé. Ìwé owó tòótọ́ máa ń ní owó nínú.

Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì pẹ̀lú. Windows máa ń fi ìparí yẹn pamọ́, tó fi jẹ́ pé `iwe-owo.pdf.exe` yóò hàn bí `iwe-owo.pdf`. Nínú fèrèsé tí fáìlì ti ń hàn, ẹ lọ sí `View`, lẹ́yìn náà `Show` tó bá hàn níbẹ̀, ẹ yan `File name extensions`, gbogbo ìparí yóò sì jáde láti ọjọ́ náà lọ. Fáìlì tó parí sí `.exe`, `.js` tàbí `.iso` kò ní iṣẹ́ kankan nínú lẹ́tà akọ̀wé owó. Èyí tó parí sí `.html` náà léwu: ojú ewé ìwọlé ayédèrú lè wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀, yóò sì ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín.

Èyí tí mo kórìíra jù ni fáìlì `.zip` tí wọ́n fi páàsìwọ́ọ̀dù tì, tí wọ́n sì kọ páàsìwọ́ọ̀dù náà sínú lẹ́tà kan náà. Tí ó bá jẹ́ pé àṣírí ni wọ́n fẹ́ pa mọ́, wọn kì bá ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Wọ́n tì í kí ẹ̀ṣọ́ ímeèlì má bàa lè wo inú rẹ̀ ni.

Kóòdù fóònù kò gba gbogbo èèyàn là

“Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tilẹ̀ gba páàsìwọ́ọ̀dù mi, ṣebí kóòdù ń wọlé sórí fóònù mi?” Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń béèrè nìyẹn, kò sì burú. Kóòdù náà ṣì dára ju kí a má ní i lọ, ṣùgbọ́n àwọn onígbájúẹ̀ ti rí ọ̀nà gbà á.

Ojú ewé ayédèrú ìgbàlódé kì í kàn gba páàsìwọ́ọ̀dù pamọ́. Ó máa ń jókòó sáàárín ẹ̀yin àti ìkànnì tòótọ́. Bí ẹ ṣe ń kọ páàsìwọ́ọ̀dù ni ó ń gbé e lọ fún Màíkírósọ́ọ̀fù. Màíkírósọ́ọ̀fù fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ kóòdù náà sójú ewé ayédèrú, ó tún gbé e lọ. Màíkírósọ́ọ̀fù wá fún un ní àmì ìwọlé, ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà má béèrè páàsìwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìṣẹ́jú. Pẹ̀lú àmì yẹn lọ́wọ́, onígbájúẹ̀ ti wọlé.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe èyí ti di ọjà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Màíkírósọ́ọ̀fù gba ìkànnì 338 lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní RaccoonO365. Orí Telegram ni wọ́n ti ń tà á, ẹni tó bá san owó oṣù yóò gba ojú ewé ayédèrú tó ti pé, kò pọn dandan kó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti oṣù keje ọdún 2024, ó kéré tán 5,000 páàsìwọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fi jí ní orílẹ̀-èdè 94. Màíkírósọ́ọ̀fù sọ pé Nàìjíríà ni ẹni tó ń darí rẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí àmì àtijọ́ kan kò fi tó mọ́. Tẹ́lẹ̀, a máa ń wá àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì nínú lẹ́tà. Ẹni tó bá ra ojú ewé tó pé, tí àmì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n dà kọ láti ojú ewé gidi, kò ní ṣe àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ni kò lè rà.

Nígbà tí àdírẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ òótọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn òṣìṣẹ́ owó Unatrac. Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ti inú ímeèlì ọ̀gá wọn gan-an wá. Kí wọ́n ka àdírẹ́ẹ̀sì láti iwájú, kí wọ́n kà á láti ẹ̀yìn, òótọ́ ni. Kò sí lińkì láti yẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ bọ̀ láti òkè kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ọ̀kan nínú nǹkan méjì wá: akáùńtì tuntun fún ẹni tí ẹ ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, tàbí ẹni tuntun tí ẹ kò sanwó fún rí. Níbikíbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti hàn, ẹ gbé fóònù. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe pe èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, nítorí onígbájúẹ̀ ló máa gbé e. Ẹ má sì fi ímeèlì béèrè. Ẹ ti rí ibi tí ìbéèrè àwọn ọmọ abẹ́ yẹn wọlé sí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. “Ọ̀gá wa á ní kí ló dé tí mo tún ń pe òun sí i,” akọ̀wé owó kan ní Iléṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. “Tí wọ́n bá ti ní ẹ san án, wọn kì í fẹ́ àtúnbéèrè. Ṣé màá wá máa bi àgbàlagbà pé ṣé ẹ̀yin lẹ kọ̀wé yìí?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Onígbájúẹ̀ ń jẹ lára ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ tí a ní fún ọ̀gá, ó sì mọ̀ ọ́n. Níbi tí ọ̀gá ti máa ń bínú tí wọ́n bá pè é, lẹ́tà ayédèrú yóò ṣiṣẹ́.

Àwọn olùpín sìmẹ́ǹtì Old Garage tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn ti yanjú tiwọn. Alàájì tó ni ilé iṣẹ́ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo wọn: akáùńtì tuntun kankan kò gbọdọ̀ gba owó àyàfi tí wọ́n bá gbọ́ ohùn òun. “Ẹ pè mí, kódà tí mo bá wà ní mọ́sáláṣí, màá pè yín padà,” bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Tí ẹ bá tẹ lińkì, tí ojú ewé ṣí, tí ẹ kò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ pa á dé kí ẹ sọ fún ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbàjẹ́ kò tíì ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá ti kọ páàsìwọ́ọ̀dù, ẹ lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn láti yí i padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yan ibi tó ń lé gbogbo ẹ̀rọ jáde kúrò nínú akáùńtì náà. Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá ti ní àmì ìwọlé lọ́wọ́ lè máa wà nínú ilé lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àṣẹ tí wọ́n lè ti fi pamọ́. Nínú Outlook, ẹ lọ sí `Settings`, `Mail`, `Rules`. Nínú Gmail, ẹ wo `Filters and Blocked Addresses`, kí ẹ sì wo `Forwarding` pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí àṣẹ tí ẹ kò pa, pàápàá èyí tó ń kó lẹ́tà lọ sí `RSS Feeds` tàbí fódà mìíràn tí ẹ kì í ṣí, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́, nítorí àwọn tó ń ṣe ìwádìí yóò béèrè rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà yín wá ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n lè ti wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà gbogbo owó tí ẹ san láti ọjọ́ tí ẹ kọ páàsìwọ́ọ̀dù náà ni ẹ óò tún yẹ̀ wò.

Tí owó bá ti jáde, báǹkì ni àkọ́kọ́, kí ẹ tó sọ fún ẹbí, kí ẹ tó lọ sí tẹ́ṣàn. Oníbáǹkì Òkè-Fíà yẹn sọ ọ́ fún mi láìfi bò: owó tó bá ṣì wà nínú akáùńtì tó gbà á ni wọ́n lè dá dúró, àwọn onígbájúẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá pè láàárín wákàtí kan ní ìrètí, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kejì nítorí ìtìjú kì í sábà rí nǹkan kan gbà padà.

Òfin jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ka irú lẹ́tà ẹ̀tàn yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lọ́dún 2024 sì fi wákàtí 72 lélẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá kọlu ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti fi tó ngCERT létí, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méje ni.